Póstà táímútébù kíláàsì: kọ́lọ̀ fún sọ́bújẹ́ẹ̀tì, kí aago sì hàn gbangba, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

TísàKíláàsì5
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n ní kí n ṣe póstà táímútébù tuntun fún kíláàsì mi torí èyí tó wà lára ògiri ò ṣe é kà, àfi kéèyàn dìde lọ dúró níwájú ẹ̀. Mo fẹ́ kí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní kọ́lọ̀ tiẹ̀, kí ọmọ tó jókòó sẹ́yìn pátápátá gbójú sókè kó sì mọ ohun tó kàn. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì 11 la ní, píríọ́dù 7 lójúmọ́, ìṣẹ́jú 40 ni píríọ́dù kan, aago mẹ́jọ àárọ̀ là ń bẹ̀rẹ̀, aago méjì ọ̀sán là ń ṣíwọ́. Láti ògiri dé ìjókòó ẹ̀yìn tó mítà 7. Pépà A2 ni mo ní lọ́kàn, màá dá a dùbúlẹ̀. Mo ti yan kọ́lọ̀ 11 sílẹ̀ àmọ́ bí mo ṣe tò wọ́n sójú kan ni gbogbo ẹ̀ wá dàrú mọ́ra. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Arẹwà_Kíláàsì
Ìyẹn ò le rárá àǹtí. Ẹ fa ìlà, kí gbogbo àpótí dọ́gba kó lè mọ́ ojú, ẹ fi kọ́lọ̀ tó ń pariwo sí i, Ìṣirò kó jẹ́ pupa torí òun ló yẹ kó jí wọn lójú oorun. Ọ̀rọ̀ inú àpótí kó má pọ̀, orúkọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì nìkan tó, ẹ má kọ orúkọ tísà, ẹ má kọ nọ́ńbà yàrá, kò sẹ́ni tó máa rí i láti ẹ̀yìn. Ẹ wá fi òdòdó díẹ̀ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ayàwòrán_Àgbà
Ti ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ pọ̀ yẹn, òótọ́ ni. Ti àpótí tó dọ́gba ni mi ò fara mọ́. Bí bíréèkì ìṣẹ́jú 30 àti píríọ́dù ìṣẹ́jú 40 àti àsẹ́ńbílì ìṣẹ́jú 20 bá ga bákan náà lórí pépà, ọmọ tó ń wo ibi tí aago dé ò ní rí i pé ọ̀kan gùn ju èkejì lọ, nọ́ńbà nìkan ló máa gbára lé, ṣé ẹ rí i, póstà ti di ìwé kíkà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí gíga àpótí máa sọ iye ìṣẹ́jú.

Àǹtí, aago ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ́lọ̀. Láti aago mẹ́jọ sí aago méjì jẹ́ ìṣẹ́jú 360. Pépà A2 tí ẹ dá dùbúlẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 594, ó sì ga ní 420. Ẹ wá mú ìṣẹ́jú kan sí mílímítà kan. Ọjọ́ yín máa gba 360 nínú 420 yẹn, 60 máa ṣẹ́ kù, ẹ yọ 10 sókè àti 10 sísàlẹ̀ fún etí, 40 tó kù ni ti àkọlé àti orúkọ ọjọ́. Ní fífẹ̀, ẹ yọ 20 sí ọ̀tún, 20 sí òsì, ẹ fún ọ̀wọ́n aago ní 64, ó ku 490, ẹ pín in fún ọjọ́ 5, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan gba 98. Bó ṣe bọ́ síra wọn gan-an nìyẹn, ẹ ò ní í fún ohunkóhun pọ̀. Píríọ́dù kan wá jẹ́ àpótí tó fẹ̀ ní 98 tó ga ní 40, bíréèkì ga ní 30, ẹni tó bá sì ní píríọ́dù méjì tó so pọ̀, kó jẹ́ àpótí kan ṣoṣo tó ga ní 80, ẹ má fa ìlà sáàárín ẹ̀.

Ó ku lẹ́tà. Láti mítà 7, lẹ́tà tó ga ní mílímítà 10 ni ojú tó dá ṣáṣá kàn lè dá mọ̀, gbèdéke ibẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ibi tí ara ti tù ú. Ì bá wù mí kó jẹ́ 20. Àmọ́ ẹ wò ó, bí lẹ́tà bá ga tó 20, Kọ̀ǹpútà máa yọ orí síta nínú àpótí 98, Sáyẹ́ǹsì náà máa fẹ́ yọ. Nítorí náà ẹ mú 15, ìyẹn nǹkan bíi sáìsì 60 lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo orúkọ yín á sì wọlé bí ẹ bá gé àwọn tó gùn kúrú, ẹ kọ Ìdárayá dípò Eré Ìdárayá, ẹ kọ Ìlera dípò Ẹ̀kọ́ Ìlera. Ẹ má ṣe dín ọ̀rọ̀ tó gùn nìkan kù kẹ́ ẹ fi àwọn tó kù sílẹ̀ gàgàrà, torí ojú á rò pé èyí tó kéré ò ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá fẹ́ 20 dandan, kó lọ A1.

TísàKíláàsì5
Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣé gan-an. Bí ọjọ́ wa ṣe rí rèé: àsẹ́ńbílì 8:00 sí 8:20, píríọ́dù mẹ́ta títí di 10:20, bíréèkì títí di 10:50, píríọ́dù mẹ́ta mìíràn títí di 12:50, bíréèkì kékeré títí di 1:10, píríọ́dù kan títí di 1:50, ìṣẹ́jú 10 tó kù la fi ń palẹ̀ mọ́. Mo ro ó pọ̀, 360 gẹ́lẹ́ ló jẹ́. Àmọ́ ìṣẹ́jú 10 tó gbẹ̀yìn yẹn wá di àpótí tó ga ní mílímítà 10 péré, lẹ́tà mílímítà 15 ò lè wọ inú ẹ̀ láéláé.

Ayàwòrán_Àgbà
Kò lè wọ̀ ọ́ lóòótọ́, ẹ má sì fipá tì í wọlé. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ní aago kan náà, ẹ má pín in sí àpótí márùn-ún, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀já kan tó gba gbogbo ọjọ́ kọjá láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì. Àsẹ́ńbílì jẹ́ ọ̀já, bíréèkì méjèèjì jẹ́ ọ̀já, ìpalẹ̀mọ́ náà jẹ́ ọ̀já. Ẹ kùn wọ́n ní àwọ̀ eérú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ẹ̀kan péré. Ti ìpalẹ̀mọ́ ẹ fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ o, bí wọn ò rí i láti ẹ̀yìn kò burú, ta ni kò mọ̀ pé ilé ti yá? Ẹ má kọ 1:50 sínú ọ̀wọ́n aago, 2:00 ni kẹ́ ẹ fi sísàlẹ̀ ìlà ìparí, ibẹ̀ ṣì ní etí mílímítà 10 tí ẹ lè kọ ọ́ ní kékeré sí. Àwọn ọ̀já yẹn tún ṣiṣẹ́ mìíràn, wọ́n pín ọjọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta, ojú ò ní sọnù sínú àpótí 35.

Nọ́ńbà aago, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tí píríọ́dù ti bẹ̀rẹ̀, kí orí ẹ̀ kan ìlà náà, ẹ má ṣe gbé e sí àárín àpótí. Bó bá wà ní àárín, ọmọ á máa rò pé ẹ̀yìn 9:00 ni nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ tàbí ṣáájú ẹ̀.

ÌyáÌbejì
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dákun, èmi náà ní ìṣòro táímútébù. Tísà Ìṣirò kan ló ń kọ́ kíláàsì méjì níbi tí mo wà, wọ́n sì gbé e sí aago kan náà ní Ọjọ́rú. Kọ́lọ̀ wo ni màá fi hàn pé wọ́n forí gbárí?

Ayàwòrán_Àgbà
Mà, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ póstà, ìwé ẹni tó ń to iṣẹ́ ló ti wá. Ẹ to orúkọ àwọn tísà sí apá òsì, píríọ́dù sí òkè, tísà kan ò gbọ́dọ̀ ní àmì méjì lábẹ́ píríọ́dù kan. Bí ẹ bá ti tún un ṣe níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá gbé e sára ògiri.

Olùkọ́Sáyẹ́ǹsì
Ẹ jẹ́ ká wá sórí kọ́lọ̀ torí òun gan-an ni ìbéèrè. Kọ́lọ̀ 11 ti pọ̀ jù. Téèyàn bá jìnnà, pọ́pù àti búlúù tó jin á dọ̀kan, ọ́réǹjì àti pupa á máa jà, ẹ ó wá máa wá gíríìnì kẹta tó yàtọ̀ sí gíríìnì méjì àkọ́kọ́, ẹ ò sì ní rí i. Àwọn ọmọ kan sì wà, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn torí orí kúrómósómù X ni ohun tó ń fà á wà, tí pupa àti gíríìnì jọra lójú wọn, òmíràn ò sì mọ̀ pé òun ní in. Ìyẹn ni mi ò ṣe fara mọ́ pupa sí Ìṣirò kẹ́ ẹ tún wá gbé gíríìnì tì í.

Ẹ ka píríọ́dù yín ná. Ẹ fún mi ní iye tí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní lọ́sẹ̀.

TísàKíláàsì5
Ìṣirò 6, Gẹ̀ẹ́sì 6, Yorùbá 5, Sáyẹ́ǹsì 5. Àwọn tó kù kéré: Ìtàn 2, Jọ́gíráfì 2, Kọ̀ǹpútà 2, Iṣẹ́ ọnà 2, Ìdárayá 2, Ìlera 2, Orin 1. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 35.

Olùkọ́Sáyẹ́ǹsì
Ẹ ò rí nǹkan. Mẹ́rin péré ló gba píríọ́dù 22 nínú 35. Àwọn mẹ́rin yẹn ló yẹ kí kọ́lọ̀ wọn yàtọ̀ síra, kí Kọ̀ǹpútà bá Sáyẹ́ǹsì lo tiẹ̀, àwọn mẹ́fà tó kù kí wọ́n máa pín in ní ẹbí-ẹbí, kí orúkọ inú àpótí sọ èyí tí í ṣe. Kọ́lọ̀ 7 máa tó yín. Masataka Okabe àti Kei Ito, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Japan, ti to kọ́lọ̀ kan sílẹ̀ tí ẹni tí ojú rẹ̀ kì í ya pupa sọ́tọ̀ sí gíríìnì ṣì lè dá mọ̀ yàtọ̀, bí a bá yọ dúdú kúrò 7 náà ló kù. Bí èmi ṣe máa pín in rèé, ẹ kàn tẹ nọ́ńbà yìí sí ibi tí wọ́n ti ń yan kọ́lọ̀:

```
Ìṣirò               #0072B2
Gẹ̀ẹ́sì               #F0E442
Yorùbá              #E69F00
Sáyẹ́ǹsì, Kọ̀ǹpútà    #009E73
Ìtàn, Jọ́gíráfì      #CC79A7
Iṣẹ́ ọnà, Orin       #D55E00
Ìdárayá, Ìlera      #56B4E9
```

Lẹ́tà dúdú ni kẹ́ ẹ kọ lé gbogbo wọn, àyàfi búlúù Ìṣirò tó jin, òun nìkan ni kẹ́ ẹ kọ funfun sí. Ẹ má fi funfun sórí yẹ́lò o, kò ní hàn rárá.

Arẹwà_Kíláàsì
Mo gbìyànjú ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi, mo ya fọ́tò ẹ̀, mo sọ fọ́tò di dúdú àti funfun bí wọ́n ṣe máa ń sọ pé ká dán kọ́lọ̀ wò. Gíríìnì, pupa ọsàn yẹn àti píǹkì wá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ eérú kan náà. Ọ́réǹjì àti búlúù ojú ọ̀run náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣé kì í ṣe pé ẹ tàn wá báyìí ẹ̀gbọ́n?

Olùkọ́Sáyẹ́ǹsì
Rárá o, ohun tẹ́ ẹ rí yẹn tọ̀nà, àmọ́ ìdánwò mìíràn nìyẹn. Ẹni tí kò ya pupa sọ́tọ̀ sí gíríìnì kì í rí ayé ní dúdú àti funfun, ó ṣì ń rí búlúù àti yẹ́lò dáadáa, ohun tí wọ́n fi to àwọn kọ́lọ̀ yẹn nìyẹn. Fọ́tò dúdú àti funfun ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá lọ ṣe fọ́tòkọ́pì póstà náà láti fún àwọn òbí. Lẹ́yìn fọ́tòkọ́pì, kọ́lọ̀ ti lọ, orúkọ nìkan ló kù, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ fi àpótí sílẹ̀ láìkọ orúkọ sínú ẹ̀ pẹ̀lú èrò pé kọ́lọ̀ á sọ ọ́.

TísàKíláàsì5
Ìṣòro kan ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi ń fi kọ́lọ̀ bo ìwé, kálukú sọ́bújẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀, kí wọ́n lè fa ìwé tó tọ́ yọ nínú báàgì kíákíá. Bí Ìtàn àti Jọ́gíráfì bá jẹ́ kọ́lọ̀ kan náà lórí ògiri, wọ́n á máa gbé ìwé ara wọn jáde.

Màmá_Jẹ́léósinmi
Èmi máa ti TísàKíláàsì5 lẹ́yìn níbí, ìwé tó bá ògiri mu ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Lọ́dọ̀ àwọn kékeré tèmi tí wọn ò tíì mọ̀wé, kọ́lọ̀ nìkan gan-an ò tó, àwòrán ni mo máa ń fi sí i, àwòrán bọ́ọ̀lù fún eré, búrọ́ọ̀ṣì fún ìyàwòrán, mo sì ní ọfà kan tí mo fi páálí gé tí a máa ń sún sísàlẹ̀ bí píríọ́dù bá yí. Ọfà yẹn ni wọ́n fẹ́ràn jù, wọ́n ń jà lórí ẹni tó máa sún un. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo máa ń gbé kọ́ o, ọ̀sẹ̀ odindi ò wúlò fún ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ayàwòrán_Àgbà
Ọfà yẹn dára fún kíláàsì 5 náà o, torí ìṣẹ́jú kan ti jẹ́ mílímítà kan tẹ́lẹ̀, ẹ lè sún un dé ibi tí aago dé gan-an.

Ti ìwé, ẹ jẹ́ kí àwọn méjì tó ń pín kọ́lọ̀ yàtọ̀ nípa ọ̀nà tí ẹ gbà kùn ún. Ìtàn kùn pátá, Jọ́gíráfì funfun nínú pẹ̀lú ọ̀já kọ́lọ̀ kan náà ní apá òsì. Kí ìwé Jọ́gíráfì náà jẹ́ funfun pẹ̀lú ọ̀já. Ọ̀já yẹn kó fẹ̀ ní mílímítà 15 ó kéré tán, torí kọ́lọ̀ tó bá tín-ín-rín máa ń di dúdú dúdú lójú ẹni tó bá jìnnà, ẹ ò ní mọ̀ bóyá búlúù ni àbí gíríìnì. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀já ń jẹ àyè ọ̀rọ̀, 98 ti di 83, ẹ wọn Jọ́gíráfì àti Kọ̀ǹpútà wò kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ní sáìsì 60 ti gba bíi 84 fúnra ẹ̀, nítorí náà Kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ kùn pátá, ẹ tún sọ Sáyẹ́ǹsì di ọlọ́jàá. Tàbí kẹ́ ẹ dín gbogbo orúkọ sí sáìsì 54.

Olùkọ́Sáyẹ́ǹsì
Sáyẹ́ǹsì tó ní píríọ́dù 5 ló wá máa funfun, Kọ̀ǹpútà tó ní 2 á gba kọ́lọ̀ kíkùn? Ìyẹn ò wọ̀ mí létí. Mo fara mọ́ 54.

Bàbá_Onítẹ̀wé
Ẹ kú ìjíròrò. Ohun tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn tísà tó ń gbé iṣẹ́ wá ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ A2 sórí A4 mẹ́rin kẹ́ ẹ wá lẹ̀ wọ́n pọ̀, ẹ wo ibi tí ojú ìlẹ̀ máa bọ́ sí. Pẹ̀lú òǹkà ẹ̀gbọ́n, ojú ìlẹ̀ tó dá bùú wà ní mílímítà 210, ìyẹn jẹ́ 10:40, inú bíréèkì, ibẹ̀ dáa gan-an. Àmọ́ ojú ìlẹ̀ tó dúró wà ní 297, Ọjọ́rú sì bẹ̀rẹ̀ ní 280, ó lè gba inú lẹ́tà àwọn orúkọ Ọjọ́rú kọjá. Pírínńtà ilé náà kì í tẹ̀ dé etí pépà, ó máa ń fi nǹkan bíi mílímítà 5 sílẹ̀ yíká, bí ẹ bá sì fẹ́ kí síítì gun ara wọn díẹ̀ kẹ́ ẹ lè lẹ̀ wọ́n, mẹ́rin ò ní tó mọ́. Ẹ gbé e fún ẹni tó ní ẹ̀rọ A2 bó bá ṣeé ṣe.

Ibi yòówù kẹ́ ẹ ti tẹ̀ ẹ́, ẹ yan `Actual size`, ẹ má yan `Fit`, torí `Fit` máa sún iṣẹ́ yín kì, ìṣẹ́jú kan ò ní jẹ́ mílímítà kan mọ́. Ẹ fi rúlà wọn àpótí kan lára síítì àkọ́kọ́, bí kò bá jẹ́ 40 ẹ dá a dúró. Ẹ sì tẹ Ẹ̀kọ́ àti Sáyẹ́ǹsì sínú fọ́ńtì tẹ́ ẹ fẹ́ lò ná, torí ọ̀pọ̀ fọ́ńtì tó rẹwà ni àmì ohùn wọn máa ń fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà tàbí kó di àpótí òfo. `Noto Sans` máa ń gbé e dáadáa. Kọ́lọ̀ ojú kọ̀ǹpútà máa ń tàn ju ti orí pépà lọ, gíríìnì yẹn á ṣókùnkùn díẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ má bẹ̀rù. Bí ẹ bá fẹ́ lámínéètì, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tí kì í dán, bí wíńdò bá kọjú sí ògiri yẹn, èyí tó ń dán á máa sọ ìdajì póstà di ìmọ́lẹ̀ lásán.

Arẹwà_Kíláàsì
Bí wọ́n bá wá yí táímútébù padà láàárín sáà ńkọ́? Wọ́n máa ń yí i. Ṣé ká tún tẹ òmíràn?

Bàbá_Onítẹ̀wé
Ẹ tẹ ìlà, aago àti àwọn ọ̀já nìkan sórí póstà, ẹ ṣe lámínéètì ẹ̀. Kí orúkọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì wá jẹ́ káàdì lọ́tọ̀, 96 sí 38, kí ìwọ̀n mílímítà kan máa hàn yíká. Bí ẹ bá gbé A4 dúró, 14 máa wọ síítì kan, káàdì 35 yín gba síítì 3, ẹ sì máa ní àyè fún àfikún 7. Ẹ fi fẹ́líkírò kékeré sẹ́yìn káàdì, kẹ́ ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

Màmá_Jẹ́léósinmi
Bí ọwọ́ ọmọ bá tó o, wọ́n á tú u o. Ẹ gbé e sókè.

TísàKíláàsì5
Káàdì ni màá ṣe, 54 sì ni sáìsì. Ohun tó kù tí mi ò tíì mọ̀ ni aago, ṣé ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni kí n kọ, 8:20, àbí 8:20 sí 9:00? Ọ̀gá mi fẹ́ méjèèjì.

Ayàwòrán_Àgbà
Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Ìlà tó kàn ti sọ ìparí, bí ẹ bá sì kọ méjèèjì sínú ọ̀wọ́n 64, nọ́ńbà á kéré débi tí kò ní ṣeé kà láti ẹ̀yìn.

Olùkọ́Sáyẹ́ǹsì
Lórí píríọ́dù tó ṣáájú bíréèkì, mo fara mọ́ ọ̀gá wọn. Ọmọ ò béèrè ìgbà tí Ìṣirò bẹ̀rẹ̀ rí, ìgbà tó máa parí ni wọ́n ń béèrè.

Ayàwòrán_Àgbà
10:20 tó wà lórí ìlà bíréèkì ńkọ́? Ìparí náà nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ dúdú kirikiri kó ju àwọn tó kù lọ, kẹ́ ẹ wá gbé e han ọ̀gá yín.